Owó tó wọ báńkì kò bá ìwé ọ́dà mu: bí ẹ ṣe lè tọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí ìdí rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká mú ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta àǹkárá àti léèsì ní Balógun, ní Erékùṣù Èkó. Wọ́n ń tà lójú ọjà, wọ́n sì ń tà lórí wẹ́ẹ̀bù fún àwọn tó wà ní Súrùlérè, Ìkẹjà àti Ìkòròdú tí kò fẹ́ kó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí afárá. Ìwé tiwọn sọ pé ọ́dà tí wọ́n ti sanwó fún láti ọjọ́ Ẹtì 7 sí ọjọ́ Àìkú 9 oṣù Kẹta ọdún 2025 jẹ́ ₦353,000. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé 10, ₦367,272.50 ni owó ọjọ́ mẹ́ta yẹn fi lé nínú àkáǹtì wọn. Owó tó wọlé ju owó ọjà tí wọ́n tà lọ.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló máa sọ pé kò burú, ṣebí ó lé ni, kò dín. Èmi ò fara mọ́ ọn. Nínú owó yẹn, ₦42,000 jẹ́ ti oníbàárà kan, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà mìíràn sì ti san ₦24,000, kò sẹ́ni tó tíì di ẹrù rẹ̀. Ohun méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fa owó náà, àwọn kan fà á sókè, àwọn kan fà á sílẹ̀, ₦14,272.50 tó lé náà ni ohun tó kù lẹ́yìn tí gbogbo wọn fa á tán. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi àpapọ̀ wé àpapọ̀. Ìlà kan sí ìlà kan ni mo máa ń wé, bí mo sì ṣe máa ń ṣe é nìyí, a ó sì fi ṣọ́ọ̀bù yìí ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìwé mẹ́ta lẹ nílò, kì í ṣe méjì

Ìwé àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀ ọ́dà tiyín, tí ẹ wà jáde láti inú wẹ́ẹ̀bù yín. Ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ọ́dà, nọ́ńbà ìsanwó, iye tí oníbàárà san, ọjọ́ àti wákàtí, àti ipò ọ́dà náà, bóyá wọ́n ti sanwó tàbí wọn kò tíì san. Ẹ mú gbogbo ọ́dà jáde, títí kan àwọn tí ìwé yín ní wọn kò tíì sanwó fún. Bí ẹ bá mú kìkì àwọn tó ti sanwó, ọ́dà ₦24,000 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn kò ní fara hàn nínú ìwé ọ́dà yín.

Ìwé kejì ni ti ilé-iṣẹ́ ìsanwó, ìyẹn Paystack, Flutterwave tàbí èyíkéyìí tí ẹ ń lò. Àkọsílẹ̀ méjì ló sábà máa ń wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ má ṣe ṣì wọ́n mú. Ọ̀kan jẹ́ ti gbogbo owó tí àwọn oníbàárà san tàbí tí wọ́n gbìyànjú láti san. Èkejì jẹ́ ti ìsanwólé, ìyẹn owó tí wọ́n dì pọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí báńkì yín. Èkejì yìí lẹ máa mú, ẹ sì ṣí i dé ibi tí ẹ ti máa rí ìsanwó kọ̀ọ̀kan tó wà nínú owó tí wọ́n dì pọ̀ náà. Ìlà kan ṣoṣo tó sọ pé "a san ₦367,322.50" kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ìwé kẹta ni ìwé àkáǹtì láti báńkì. Àláàtì orí fóònù kò tó, torí pé àwọn owó kéékèèké tí báńkì yọ kì í hàn níbẹ̀ dáadáa.

Ẹ kó ìwé méjì àkọ́kọ́ sínú fáìlì Excel tàbí Google Sheets kan, ojú-ìwé méjì. Mo máa ń pe èyí tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù ní `OJA`, mo sì ń pe ti ilé-iṣẹ́ ìsanwó ní `ONA`. Ní `OJA`, òpó A jẹ́ nọ́ńbà ọ́dà, B nọ́ńbà ìsanwó, C iye owó, D ipò, E àkókò. Ní `ONA`, A jẹ́ nọ́ńbà ìsanwó, B iye tí oníbàárà san, C owó iṣẹ́ tí wọ́n yọ, D ohun tó kù, E àkókò.

Ẹ tún ìwé méjèèjì ṣe kí ẹ tó wé wọn

Apá yìí ló máa ń su èèyàn, àmọ́ ibẹ̀ ni ìdajì wàhálà ti ń wá. Nọ́ńbà ìsanwó ni ẹ kọ́kọ́ máa wò, torí òun ló so ìwé méjèèjì pọ̀. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ kìkì oǹkà tó gùn, tí ẹ sì kàn tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì kó ṣí, Excel á sọ ọ́ di ohun tó jọ `1.23E+17`, á sì sọ gbogbo oǹkà tó bá ti kọjá ìkẹẹ̀ẹ́dógún di òdo. Ẹ kò tún lè rí i gbà padà nínú fáìlì yẹn. Ẹ gbé fáìlì wọlé láti ibi `Data`, lẹ́yìn náà `From Text/CSV`, kí ẹ sì ní kó ka òpó náà gẹ́gẹ́ bí `Text`. Bí ẹ bá lágbára lórí bí wẹ́ẹ̀bù yín ṣe ń ṣe nọ́ńbà náà, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà wà nínú rẹ̀, kí nọ́ńbà ọ́dà sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bíi `B102-1`. Ẹ ó rí àǹfààní rẹ̀ láìpẹ́.

Àlàfo tí ojú kò rí lẹ́yìn nọ́ńbà tún máa ń mú kí nọ́ńbà méjì tó jọra má bára mu. Èyí máa ń mú un kúrò:

```
=TRIM(B2)
```

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo iye owó. Bó bá jẹ́ pé olùkọ́ wẹ́ẹ̀bù yín ló bá yín fa àkọsílẹ̀ náà jáde tààrà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kọ́bọ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe náírà. `4200000` jẹ́ ₦42,000. Ẹ fi 100 pín gbogbo òpó náà kí ẹ tó bá a ṣe ohunkóhun.

Àkókò ló kù. Àkókò Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú àkókò UTC, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló sì ń fi UTC kọ àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá rí `Z` tàbí `UTC` lẹ́yìn wákàtí, ẹ fi wákàtí kan kún un nínú òpó tuntun:

```
=VALUE(LEFT(SUBSTITUTE(E2,"T"," "),19)) + 1/24
```

Nàìjíríà kì í yí aago padà láàárín ọdún, nítorí náà wákàtí kan yìí kò ní yí padà lóṣù kankan. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sanwó láàárín agogo méjìlá òru sí agogo kan, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé méjèèjì máa kọ ọ́ sí. Àwọn oníbàárà Èkó tó jẹ́ pé òru ni wọ́n máa ń ráyè ra nǹkan lórí fóònù kò sì kéré.

Ẹ parí ọ̀rọ̀ báńkì ná

Ìyàtọ̀ ₦14,272.50 yẹn wà ní ibi méjì: ó wà láàárín báńkì àti ilé-iṣẹ́ ìsanwó, ó sì wà láàárín ilé-iṣẹ́ ìsanwó àti ìwé ọ́dà. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti báńkì ló rọrùn jù, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ parí.

Nínú àkọsílẹ̀ ìsanwólé ti ọjọ́ Ajé, ìsanwó mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Àpapọ̀ ohun tí àwọn oníbàárà san jẹ́ ₦388,500. Owó iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà yọ jẹ́ ₦6,177.50. Wọ́n sì tún yọ ₦15,000, owó tí ṣọ́ọ̀bù dá padà fún oníbàárà kan tó ra léèsì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, tí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tó fẹ́. Ohun tó kù jẹ́ ₦367,322.50.

Ìwé báńkì fi ₦367,322.50 hàn pé ó wọlé, ó wá fi ìlà mìíràn tẹ̀ lé e pé wọ́n yọ ₦50. Owó ìjọba ni, tí wọ́n ń gbà lórí owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ tó bá tó ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lákòókò yẹn, àkáǹtì ẹni tó gba owó ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ó ku ₦367,272.50. Báńkì àti ilé-iṣẹ́ ìsanwó ti bára mu dé orí kọ́bọ̀.

Bí tiyín kò bá bára mu níbí, ẹ má lọ síwájú. Bóyá ìsanwólé méjì ni báńkì gbà lọ́jọ́ kan náà tí ẹ pè é ní ọ̀kan. Bóyá sì ni ilé-iṣẹ́ náà yọ owó nítorí oníbàárà kan tó lọ sọ fún báńkì rẹ̀ pé òun kò mọ̀ nípa ìsanwó kan lórí káàdì òun. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ní ojú-ìwé tirẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì ní ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fèsì pẹ̀lú ẹ̀rí pé ẹ ti gbé ẹrù fún un. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, owó náà ti lọ nìyẹn. Ìwé ìfọwọ́sí tí ọlọ́kadà tàbí awakọ̀ tó gbé ẹrù náà gbà lọ́wọ́ oníbàárà ni ẹ̀rí tó dára jù, ẹ máa tọ́jú rẹ̀.

Ìbéèrè tó kù wá kúrú: ilé-iṣẹ́ ìsanwó ní àwọn oníbàárà san ₦388,500, ìwé ọ́dà ní ₦353,000 ni wọ́n san. ₦35,500 ni à ń wá.

Ẹ wé wọn láti ọ̀tún, kí ẹ tún wé wọn láti òsì

Ní `OJA`, ẹ kọ èyí sí òpó F ní ìlà kejì, kí ẹ fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=COUNTIF(ONA!A:A, B2)
```

Ó ń béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni nọ́ńbà ìsanwó ọ́dà yìí hàn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìsanwó. `1` ni èsì tó yẹ. `0` túmọ̀ sí pé ìwé yín mọ̀ ọ́n, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ní òpó G, ẹ wo iye owó:

```
=SUMIFS(ONA!B:B, ONA!A:A, B2) - C2
```

Fún ìlà tí òpó F rẹ̀ bá jẹ́ `1`, `0` ló yẹ kí èyí fún yín. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, iye tí ẹ kọ sí ọ́dà yàtọ̀ sí iye tí oníbàárà san. Owó gbígbé ẹrù ló sábà máa ń fà á: oníbàárà san owó aṣọ pẹ̀lú owó gbígbé lọ sí Ìkòròdú, àmọ́ owó aṣọ nìkan ló wà nínú òpó tí ẹ mú jáde.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí `ONA`, kí ẹ béèrè ìbéèrè náà láti ìhà kejì, ní òpó F tibẹ̀:

```
=COUNTIF(OJA!B:B, A2)
```

Ìhà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ìhà àkọ́kọ́ ń fi ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ tí owó rẹ̀ kò wá hàn yín. Ìhà kejì ń fi owó tó wá tí ẹ kò kọ sílẹ̀ hàn, ibẹ̀ sì ni owó olówó máa ń sá pamọ́ sí.

Ìkìlọ̀ kan: bí nọ́ńbà ìsanwó yín bá jẹ́ kìkì oǹkà tó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, `COUNTIF` àti `SUMIFS` nínú Excel kì í ka èyí tó kọjá ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kódà bí ẹ bá ti sọ òpó náà di `Text`. `COUNTIF` lè sọ `2` fún nọ́ńbà méjì tó yàtọ̀ síra ní ìparí. Bí nọ́ńbà tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lò ó báyìí, ìlà àkọ́kọ́ fún òpó F, ìlà kejì fún òpó G:

```
=SUMPRODUCT(--(ONA!$A$2:$A$500=B2))
=SUMPRODUCT((ONA!$A$2:$A$500=B2)*ONA!$B$2:$B$500) - C2
```

Nígbà tí wọ́n ṣe èyí fún ṣọ́ọ̀bù Balógun, ọ́dà mẹ́fà bára mu rẹ́gí. Ní ìhà `OJA`, méjì nínú àwọn tí ìwé ní wọ́n ti sanwó fún gba `0`: B101 tó jẹ́ ₦18,500, àti B107 tó jẹ́ ₦12,000. Ní ìhà `ONA`, ìsanwó kan gba `0`: `B102-2`, ₦42,000. Ọ́dà B109, ₦24,000, gba `1` ní ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ nínú ìwé ọ́dà jẹ́ `pending`. Mẹ́rin péré ni, ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

B101: ọ̀rọ̀ aago

Oníbàárà B101 sanwó ní agogo 12:25 òru ọjọ́ Ẹtì. Ìwé ṣọ́ọ̀bù, tó ń lo aago Èkó, kọ ọ́ sí ọjọ́ Ẹtì 7. Lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìsanwó, agogo 23:25 ọjọ́ Bọ̀ 6 ni, nítorí náà wọ́n ti dì í mọ́ owó ọjọ́ Bọ̀, wọ́n sì ti san án wọ báńkì lọ́jọ́ Ẹtì. Owó náà kò sọnù. Àmọ́ ẹ má fi ìméfò parí rẹ̀: ẹ ṣí àkọsílẹ̀ ìsanwólé ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ fi ojú yín rí `B101-1` níbẹ̀, kí ẹ tó fàmì sí i pé ó ti yanjú.

Bí ìbẹ̀rẹ̀ ṣe rí yìí ni ìparí náà lè rí. Ẹni tó bá sanwó ní agogo 12:20 òru ọjọ́ Ajé á wà nínú owó ọjọ́ Àìkú lọ́dọ̀ wọn, ìwé yín á sì kà á mọ́ ọ̀sẹ̀ tuntun. Òpin ọ̀sẹ̀ tún ní tirẹ̀. Nítorí pé ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń san owó, ti Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú máa ń dé pọ̀ lọ́jọ́ Ajé, tí ìsinmi Iléyá tàbí Kérésì bá sì wọ̀ ọ́, ó lè pẹ́ sí i. Nítorí náà ọjọ́ tí owó wọ báńkì kọ́ lẹ máa fi ka ọ́dà. Ọjọ́ tí oníbàárà sanwó ni.

B107: owó tó gba ọ̀nà mìíràn wọlé

Oníbàárà yìí kò fẹ́ fi káàdì sí orí wẹ́ẹ̀bù. Ó pe ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì yín, kí n kàn fi owó ránṣẹ́." Ọmọọṣẹ́ fún un, àláàtì dé, ọmọọṣẹ́ náà sì yí ipò ọ́dà padà sí pé ó ti sanwó kí ẹrù lè tètè jáde. Kò sí ohun tó burú nínú títà á bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù-díẹ̀-káàtó ni pé ìwé ọ́dà ń kà á mọ́ owó tó gba wẹ́ẹ̀bù kọjá.

Ẹ wá ₦12,000 náà nínú ìwé báńkì, gẹ́gẹ́ bí ìlà tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ fi òpó kan kún ìwé ọ́dà fún ọ̀nà tí wọ́n gbà sanwó: wẹ́ẹ̀bù, àkáǹtì, pí-ó-ẹ́ẹ̀sì tàbí owó ọwọ́. Láti ìgbà náà lọ, kìkì ti wẹ́ẹ̀bù lẹ máa bá ilé-iṣẹ́ ìsanwó wé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ńlá, torí àláàtì ayédèrú pọ̀ lójú ọjà. Ẹ rò ó dáadáa: ìlà inú ìwé báńkì ni ẹ̀rí, àwòrán tí oníbàárà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í ṣe ẹ̀rí.

B109: owó dé, ìròyìn kò dé

Bí oníbàárà bá sanwó tán, ilé-iṣẹ́ ìsanwó máa ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wẹ́ẹ̀bù yín pé owó ọ́dà báyìí ti wọlé, wẹ́ẹ̀bù yín á sì yí ipò ọ́dà náà padà fúnra rẹ̀. Ìròyìn yìí yàtọ̀ sí ojú-ìwé "ẹ ṣé" tí oníbàárà máa ń rí. Lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, wẹ́ẹ̀bù ṣọ́ọ̀bù náà dákú fún ìgbà díẹ̀. Ìròyìn B109 dé nígbà yẹn, kò rẹ́ni gbà á, ọ́dà náà sì wà ní `pending`. Oníbàárà ti rí àláàtì pé wọ́n ti yọ ₦24,000, ó ń retí àǹkárá rẹ̀ ní Yábà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ní Balógun.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ wọ dáṣíbọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ ìsanwó, ẹ fi nọ́ńbà ìsanwó wá a, kí ẹ sì wo nǹkan mẹ́ta pọ̀: pé ipò rẹ̀ jẹ́ `success`, pé iye rẹ̀ jẹ́ ₦24,000 gan-an, àti pé náírà ni. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé ni kí ẹ yí ọ́dà padà, kí ẹ sì di ẹrù. `abandoned` túmọ̀ sí pé oníbàárà bẹ̀rẹ̀ kò parí, `failed` sì túmọ̀ sí pé kò yọrí, kódà bí oníbàárà bá ní báńkì òun ti yọ owó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò parọ́ o. Owó náà lè há sáàárín báńkì rẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ náà, ó sì sábà máa ń padà sí àkáǹtì rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí tí yóò fi di `success`, kò tíì dé ọwọ́ yín.

Ẹ tún rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ mú ọ́dà tí wọn kò tíì sanwó fún jáde. Kí ẹ tètè rí irú B109, ẹ máa yọ èyí tí òpó F rẹ̀ jẹ́ `1` tí òpó D rẹ̀ sì jẹ́ `pending` sọ́tọ̀ ní àràárọ̀, kí ẹ má dúró de òpin ọ̀sẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí, èyí ló ń kan oníbàárà jù.

B102: wọ́n san án lẹ́ẹ̀mejì

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fa ẹsẹ̀, oníbàárà rò pé kò lọ, ó tún tẹ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìsanwó kì í gba nọ́ńbà ìsanwó kan náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà wẹ́ẹ̀bù fún un ní nọ́ńbà tuntun, `B102-2`, ìsanwó méjèèjì sì yọrí. Ìwé ọ́dà ní àyè fún nọ́ńbà kan ṣoṣo, `B102-1` ló sì dì mú. Ẹ rí i pé nọ́ńbà ọ́dà tó wà níwájú ló jẹ́ ká mọ ibi tí `B102-2` ti wá lójú ẹsẹ̀. Bí nọ́ńbà tiyín kò bá ní irú èyí, ẹ wá ìsanwó mìíràn tó ní iye kan náà àti ímeèlì kan náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ síra.

Kí ẹ tó dá owó padà, ẹ pe oníbàárà. Ó ṣẹlẹ̀ rí tí ẹni náà fẹ́ aṣọ méjì lóòótọ́. Bó bá ní ọ̀kan lòun rà, orí dáṣíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ ti dá a padà, sí orí `B102-2` gan-an, kó lè gba ọ̀nà tó gbà wá padà. Bí ẹ bá fi ₦42,000 ránṣẹ́ láti àkáǹtì yín, ìsanwó náà á ṣì wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà bí ẹni pé ẹ kò dá a padà, oníbàárà tí kò dára sì lè tún lọ gbà á lọ́wọ́ báńkì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Owó iṣẹ́ tí wọ́n ti yọ lórí rẹ̀, ₦730, kì í sábà padà. Ṣọ́ọ̀bù ló máa rù ú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìnáwó. Ẹ sì kọ ₦42,000 náà sílẹ̀ nísinsìnyí bí gbèsè, torí ìsanwólé tó ń bọ̀ máa dín ní iye yẹn, ẹni tó bá ṣe ìṣirò ọ̀sẹ̀ yẹn kò sì ní mọ ìdí.

Ẹ yẹ owó iṣẹ́ wò

Ilé-iṣẹ́ tó ń bá ṣọ́ọ̀bù yìí gba owó ń gba 1.5% àti ₦100 lórí ìsanwó abẹ́lé. Wọn kì í gba ₦100 yẹn bí owó kò bá tó ₦2,500, gbogbo rẹ̀ pọ̀ kì í sì kọjá ₦2,000. Ẹ ka èyí tó wà nínú àdéhùn tiyín, kí ẹ sì wo bóyá VAT wà nínú rẹ̀ tàbí wọ́n máa fi kún un, kí ẹ tó kọ fọ́múlà náà sí òpó G ní `ONA`:

```
=MIN(2000, B2*1.5% + IF(B2<2500, 0, 100))
```

Ẹ yọ òpó C kúrò nínú rẹ̀. `0` ló yẹ kó kù ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Fún ₦27,500, ₦512.50 ló máa jẹ́. Fún ₦2,000, ₦30 péré. Fún ₦150,000, ₦2,350 ni ìbá jẹ́, ṣùgbọ́n ó dúró ní ₦2,000. Ìlà tí kò bá bára mu sábà máa ń jẹ́ káàdì ilẹ̀ òkèèrè, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ wọ́n ju ti abẹ́lé lọ, nítorí náà ẹ wo irú káàdì náà kí ẹ tó pè wọ́n.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè tọ̀ ọ́

Ìwé kan péré ni èyí, ẹ sì máa fi sínú fáìlì kan náà. Ti ṣọ́ọ̀bù Balógun rí báyìí:

| Ohun tó fà á | Iye (₦) |
|---|---|
| Ọ́dà tí ìwé ní wọ́n ti sanwó fún | 353,000.00 |
| B101, ó wà nínú ìsanwólé ọjọ́ Ẹtì | −18,500.00 |
| B107, ó gba àkáǹtì wọlé | −12,000.00 |
| B109, ìròyìn kò dé | +24,000.00 |
| `B102-2`, ìsanwó ẹlẹ́ẹ̀kejì | +42,000.00 |
| Ohun tí ilé-iṣẹ́ ìsanwó gbà | 388,500.00 |
| Owó iṣẹ́ | −6,177.50 |
| Owó léèsì tí wọ́n dá padà | −15,000.00 |
| Owó ìjọba tí báńkì yọ | −50.00 |
| Ohun tó kù ní báńkì | 367,272.50 |

Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tí ẹlòmíràn lè fi wá a. Ẹ má ṣe dá ìlà kan sílẹ̀ tí ẹ pè ní "ìyàtọ̀ kékeré" kí ìwé lè bára mu. Nínú ọ̀ràn yìí, ká ní a gbàgbé B101 àti `B102-2` pọ̀, ₦23,500 ni "ìyàtọ̀" náà ìbá jẹ́, kò sì ní jọ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Bí ìlà kan bá ṣẹ́ kù tí ẹ ti wá a dé ìsanwólé ọjọ́ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, tí dáṣíbọ́ọ̀dù sì ní `success`, ìgbà yẹn ló tó láti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìsanwó. Ẹ fi nọ́ńbà ìsanwó, iye, ọjọ́ àti wákàtí pẹ̀lú aago tí ẹ lò, àti ìwé báńkì ti ọjọ́ tó yẹ kó wọlé ránṣẹ́. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: inú ìsanwólé wo ni ìsanwó yìí wà? Bí ẹ bá kọ̀wé pé owó yín kò pé, àpapọ̀ ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn.